Orin Tí Mo Fi Rẹ Àṣàkẹ́ Nínú Oko Kòkó

Yétúndé, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé o fẹ́ gba ohùn mi sínú rẹ̀, kí o lè máa fi rẹ ọmọ inú rẹ sùn tí o bá bí i tán ní Ìbàdàn. N ò bínú sí i. Inú mi dùn pé o rántí orin tí mo fi tọ́ ìwọ náà dàgbà. Ṣùgbọ́n n kì í la ẹnu kọ orin yẹn mọ́ nínú ulé yìí. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kí n sọ ohun tó fà á. Kí ẹnì kan yọjú sẹ́yìnkùlé ná, bóyá Àṣàkẹ́, àbúrò yín, ṣì wà nídìí iyanrìn tó ti ń ṣeré. Ó wà níbẹ̀? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tí èmi ń dàgbà ní Ìpáò níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń ṣófo, nítorí àbà ni gbogbo ènìyàn wà. Bí kòkó bá ti ń pọ́n, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó ru ìkòkò, a ó ru ẹní, ó di oko. Abẹ́ igi kòkó ni ilẹ̀ ń ṣú mọ́ wa, abẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́ wa. Bí ọjọ́ bá rọ̀, ìwọ yóò gbọ́ odó ní àbà kejì, ìwọ yóò gbọ́ àáké lọ́nà odò, ìwọ yóò sì gbọ́ ohùn àwọn ìyá àgbà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń rẹ ọmọ. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kan díje. Ọ̀kan yóò máa parí bí èkejì ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ àgbà tó rẹ̀ láti oko, orin ọmọ ọlọ́mọ yóò gbé ẹ̀yin náà lọ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọbẹ̀.

Nísinsìnyí ńkọ́? Fóònù ló ń kọrin fún ọmọ. Mo rí i lọ́wọ́ àbúrò rẹ nígbà tó wá ṣe Kérésì. Ó gbé e ti orí ọmọ, ohun náà ń dún tìn-tìn-tìn, iná ń kọ mànà lójú rẹ̀, ọmọ sì lajú sílẹ̀ rangandan, ó ń wò ó. Mo ní, "Ẹni tí ẹ ní kó sùn, kí lẹ tún tan iná fún un sí?" Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ọmọ ní ọpọlọ." Mo ní kò burú. Ọlọ́run yóò fún un ní ọpọlọ.

Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi lórin ìrẹmọlẹ́kún, èmi ni mo ń bá wọn gbọ́mọ. Wọ́n gbé àbúrò mi sí mi lẹ́yìn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n rẹ̀ ẹ́ sùn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oríṣiríṣi orin, orin ọdún usu, orin ìjọ, orin tí a ń kọ ní iléèwé. Mo ń fò sókè, mo ń fò sílẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa irun mi. Nígbà tó yá ni mo jókòó láti sinmi, ó bá tọ̀ sí mi lára, oorun sì gbé èmi lọ. Ohùn ìyá àgbà ni mo gbọ́ lókè orí mi: "Ìwọ ni mo ní kí o sùn ni?" Gbogbo àbà rẹ́rìn-ín mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní ọmọ tó ń sunkún, a kì í fi agbára pa á lẹ́nu mọ́. Ibi tí ẹkún rẹ̀ wà ni ìwọ yóò ti lọ pàdé rẹ̀. Bí ẹkún bá ń sáré, kí orin rẹ àti àtẹ́lẹwọ́ tí o fi ń gbá a nídìí sáré pẹ̀lú rẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti mọ̀ pé o wà pẹ̀lú òun, kí o wá máa fà á bọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ kó mọ̀ pé okùn wà lọ́rùn òun. Kí ohùn máa kéré sí i. Kí ọ̀rọ̀ máa gùn sí i. Bí o bá parí ìlà kan, tí o fẹ́ mí, kí ọwọ́ má dúró, nítorí ọwọ́ ni orin nígbà tí ẹnu ò bá sí níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n má fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un. Ọ̀rọ̀ tuntun a máa jí ọmọ. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, tó sì bọ̀ lóòótọ́, òun ló ń mú un sùn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ní ọmọ kì í fi etí nìkan gbọ́ orin. Wọ́n ní kí n gbé etí lé ẹ̀yìn àwọn. Mo gbé e lé e. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀fun, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú egungun wọn, hùn-ún, hùn-ún, bí ìgbà tí ọlọ bá ń yí nínú yàrá kejì. Wọ́n ní, "Ìdí nìyí tí a fi ń pọn ọmọ. Ẹ̀yìn ni ẹnu wa."

Ẹ jẹ́ kí n ka orin náà fún un yín. Kíkà ni n ó kà á, n ò ní kọ ọ́. Orúkọ ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ni a máa ń fi sí i. Ti Àṣàkẹ́ ni n ó kà:

Àṣàkẹ́ sùn, sùn o,
sùn, sùn, sùn o.
Ìyá rẹ lọ s'ódò,
yó bọ̀, yó bọ̀ o.
Bàbá rẹ lọ s'óko,
yó bọ̀, yó bọ̀ o.
Usu ń bẹ l'ulé,
epo ń bẹ l'ulé,
sùn, sùn, sùn o,
Àṣàkẹ́ sùn, sùn o.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá parí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Ibi tí a ti ń sọ pé "yó bọ̀, yó bọ̀ o" ni ìbàdí ti máa ń yí sọ́tùn-ún, kó tó yí sósì. Ibẹ̀ sì ni ojú ọmọ ti máa ń kọ́kọ́ rọ̀.

Ó dáa. Ẹ mọ Dàpọ̀, àbíkẹ́yìn mi, bàbá Àṣàkẹ́. Ẹ mọ Fúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ọdún tí mo ń sọ yìí, kòkó so débi pé àwọn ẹ̀ka ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé ti ń rìn nínú igbó láti ìhà Òkè-Àkò títí dé ẹnu oko wa. Wọ́n ti mú ènìyàn lójú ọ̀nà, wọ́n ti mú ènìyàn nínú oko usu. Àbà tí mo ní odó ń dún nínú rẹ̀ yẹn, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sùn lóko mọ́.

Kòkó ń pọ́n, ó ń dúdú lórí igi. Dàpọ̀ kò lè jẹun. Ní àárọ̀ kan ó wá bá mi, ó ní, "Màámi, wọ́n ní ọ̀nà ti rọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ já èyí tí a bá lè já, kí a tètè padà kí oòrùn tó wọ̀."

Mo ní, "Àṣàkẹ́ ńkọ́? Ọmú ló ń mu."

Fúnkẹ́ ní, "Ẹ ó bá wa gbé e, Màámi. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, ọwọ́ mi á yá."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Kí ni ènìyàn ó ṣe? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọwọ́ yá púpọ̀. Dàpọ̀ ń fi ọ̀pá gígùn já kòkó, Fúnkẹ́ ń kó o jọ, wọ́n sì jọ ń fọ́ ọ. Nígbà tó di ọ̀sán, Fúnkẹ́ fún ọmọ lọ́mú, ó sọ ọ́ sí mi lẹ́yìn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ pọn omi lódò. Mo so ọ̀já mi le. Mo bẹ̀rẹ̀ orin. Mo ti dé ibi tí bàbá rẹ̀ lọ s'óko nígbà tí mo gbọ́ ohùn Dàpọ̀ lápá òkè oko. Kì í ṣe pé ó pè mí. Ó kàn ń pariwo, ó ń sọ ọ́ léraléra, pé, "Èmi nìkan ni! Èmi nìkan ni mo wá!"

Ẹsẹ̀ mi mọ̀ kí orí mi tó mọ̀. Ọmọ mi ń fi ohùn rẹ̀ lé mi sá.

Igi àràbà kan wà nísàlẹ̀ oko yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè bí ògiri, ó ga ju orí mi lọ. Àárín gbòǹgbò méjì ni mo wọ̀, mo kọjú sí ara igi. Ewé kòkó gbígbẹ ló kún ibẹ̀ dé kókósẹ̀. Ẹ mọ bí ewé kòkó ṣe rí: bí ènìyàn bá fi ọmọ ìka kan tẹ̀ ẹ́, ará òkèèrè yóò gbọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bọ́ sí, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. N ò lè jókòó. Bí mo bá jókòó, ewé yóò ké, ọmọ yóò sì jí, nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn mọ̀ bí a bá jókòó.

Mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò yára. Wọ́n mú Dàpọ̀ wá sí abẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti fọ́ kòkó, kò jìnnà sí mi ju ibi tí mo jókòó yìí sí ẹnu ọ̀nà lọ. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Ta ló ni aṣọ ọmọ yìí?"

Ìlédìí Àṣàkẹ́ ni, mo ti fọ̀ ọ́, mo sì sá a sórí ẹ̀ka.

Dàpọ̀ ní, "Ìyàwó mi ló gbàgbé ẹ. Àtàná ló ti wà níbẹ̀."

"Àtàná, ó sì tutù?"

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbá a. Kò ké. Mo rò pé ó mọ̀ pé mo wà nítòsí, kò sì fẹ́ kí n gbọ́. Àwọn méjì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń tú abẹ́ igi kiri, mò ń gbọ́ ewé lábẹ́ bàtà wọn.

Àkókò yẹn gan-an ni Àṣàkẹ́ ta pútú. Kò tí ì sùn dénú. Mo ti já orin rẹ̀ láàárín, ohun tó ń retí kò dé. Ó fi ẹsẹ̀ tì mí níhà, ó fa èémí sínú, irú èyí tí ọmọ máa ń fà kó tó lahùn. Ẹ̀yin ọmọ, mo pe Ọlọ́run. Mo pe ìyá mi. Mo mọ̀ pé bí ó bá ké lẹ́ẹ̀kan péré, ìran mẹ́ta ni wọn yóò kó nínú oko yẹn.

Mo bá pa ẹnu dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní ọ̀fun. Mo tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kùn ún kíákíá, bí ó ṣe ń mí kíákíá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ nídìí dípò kí n gbá a, kí ó má dún. Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lójú kan. Orúnkún nìkan ni mo ń tẹ̀, ìbàdí nìkan ni mo ń yí. Mo gbọ́ pé ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn. Ó ń gbọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bọ̀ wálẹ̀.

Mo wá dé ibi tí bàbá rẹ̀ lọ s'óko.

Ẹ ò mọ ohun tí mo rí. Mo yí orí díẹ̀, láti àlàfo gbòǹgbò yẹn, mo ń wo ọmọ mi. Wọ́n ti fi okùn tí a fi ń di àpò kòkó dì í lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀. Èmi sì ni kí n wí fún ọmọ rẹ̀ pé yó bọ̀, yó bọ̀ o. Ó wù mí kí n fò ó. Ṣùgbọ́n bí n bá fò ó, ọmọ yóò mọ̀, yóò sì jí. Mo kùn ún. Yó bọ̀, yó bọ̀ o. Omi ń dà lójú mi, n ò sì lè fọn imú. Mo tún yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo tún dé ibẹ̀, mo tún kùn ún. Mo ń parọ́ fún ọmọ, mo ń fi irọ́ náà bẹ Ọlọ́run.

Bàtà kan dé ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò. Mo pa kíkùn. Kò ku ohun kan lọ́wọ́ mi bí kò ṣe èémí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí orin náà ṣe gùn: kí n fà á sínú títí ìlà kan fi parí, kí n tú u sílẹ̀ títí èkejì fi parí. Ẹ̀yìn mi ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Mo gbọ́ òórùn sìgá ọkùnrin yẹn. Mo gbọ́ bó ṣe tọ̀ sí ara igi. Àṣàkẹ́ tú èémí rẹ̀ sílẹ̀ fùú, ọrùn rẹ̀ dẹ̀, ó wúwo. Ó ti sùn.

Ẹni náà padà. Wọ́n fa Dàpọ̀ dìde, wọ́n kọjá lọ sápá igbó. Kò wẹ̀yìn.

N ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti kúrò. Ẹsẹ̀ mi ti kú. Ó pẹ́ púpọ̀ kí Fúnkẹ́ tó yọ láti ọ̀nà odò, omi ń jò lára rẹ̀. Inú omi lábẹ́ koríko ló sá sí. Ó rí mi, ó rí ọmọ tí orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò mira. Ó dá ọwọ́ lé orí.

"Màámi, ẹ ti pa á! N ò gbọ́ kó ké, mo mọ̀ pé ẹ ti pa á!"

Mo ní, "Ó ń sùn. Fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó wólẹ̀ sínú ewé. Nígbà tó tún gbójú sókè, ó bi mí ní èyí tó kù: "Bàbá ẹ̀ ńkọ́?" Mo nawọ́ sí ọ̀nà igbó.

Bí a ṣe rí Dàpọ̀ gbà padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Àwọn ọdẹ ìlú wọ igbó, ìjọ gbààwẹ̀, a sunkún títí ẹkún fi gbẹ. Ó padà, ẹ dúpẹ́ fún mi. Ó fi ẹsẹ̀ kan tiro dé ojú títì, ó rù débi pé ajá wa gbó o. Ṣùgbọ́n kò wọ oko mọ́. Ìlú Ìbàdàn tí ìwọ ń gbé, Yétúndé, níbẹ̀ ló wà pẹ̀lú Fúnkẹ́, ó ń ṣọ́ géètì ilé olówó kan. Wọ́n ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ mi títí wọ́n ó fi rí yàrá tó dáa. Kòkó ọdún yẹn jẹrà sórí ilẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e náà jẹrà. Igbó ti gba oko yẹn, àràbà nìkan ló kù tí mo lè fi júwe rẹ̀ fún un yín.

Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Wọ́n ní orin mi gba ọmọ là. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà á là. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí ni ohun tí n ò tíì sọ fún bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, Àṣàkẹ́ kì í sùn. Ara rẹ̀ a le gan-an bí igi. Yóò di èémí mú. Yóò la ojú sílẹ̀, kò ní sunkún, kò ní mira, yóò kàn máa fetí sílẹ̀. Ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n rìn nígbà náà! Mo rò pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo ní wọ́n fi kọ́ mi? Ẹ̀yìn mi ló gbọ́. Ìbẹ̀rù tó wà nínú egungun mi ló mu, bó ṣe ń mu orin. Fóònù tìn-tìn-tìn yẹn ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn báyìí, èmi tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Nítorí náà, Yétúndé, mú orin náà lọ. Mú un lọ sí Ìbàdàn, níbi tí kò sí ewé kòkó. Ọmọ rẹ kò mọ ohun tí a fi orin yìí ṣe. Kí o kọ ọ́ sókè fún un, kí o ṣí fèrèsé, kí aládùúgbò gbọ́. Gbé fóònù náà wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó kọ ọ́, jẹ́jẹ́, kí atẹ́gùn má baà gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?

Àṣàkẹ́ sùn, sùn o,
sùn, sùn, sùn o.
Ìyá rẹ lọ s'ódò,
yó bọ̀, yó...

Wò ó. Ó ti dé. Ẹ má pè é, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó wá. Wá, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Iyanrìn wà lọ́wọ́ rẹ, kí lo fẹ́ ṣe...

Ṣé ẹ rí i? Ẹ rí ibi tó gbé ọwọ́ lé. Ó bò mí lẹ́nu.